Ẹ bá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ yìí: «apo inu meta» ní ọsibítù

Ṣadé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ti wá lálẹ́ àná. Nọ́ńbà mi ló wà lábẹ́ ìkéde ẹgbẹ́ wa pé kí ẹni tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ kàn sí wa, nítorí náà mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni ẹni náà ń wá. Mo kà á lọ, mo kà á bọ̀, n kò mú orí rẹ̀, n kò mú ìdí rẹ̀. Bó ṣe wọlé gan-an nìyí:

```
kale ma ejo mo fe bere oko mi ni apo inu meta
lojobo ni osi bi tu won ni ko mu ogbo fo wa oun
ko gbo ese si rara mo ni ko dake nibe aago meji ni
se e le ba wa lo
```

Ejò, oko, àpò, inú mẹ́ta, ẹsẹ̀! Ọmọ mi ní kí n dínà mọ́ nọ́ńbà náà, pé oníjìbìtì ni. Ọkàn mi kò gbà á.

Kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹni tó kọ ọ́ ló ń kánjú. Ìka rẹ̀ ti tóbi ju bọ́tìnnì fóònù lọ, ó sì ń tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀.

Bàbá Tóyìn: Ṣadé, má dínà mọ́ ọn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Kọ́lá, o gbìyànjú láti rí i pé kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìka ló ṣe èyí. Bí ìka bá ṣìnà, lẹ́tà ló máa ń bàjẹ́: wàá rí ọ̀rọ̀ tó gé, wàá rí «mk» níbi tí «mo» yẹ kó wà. Tún èyí wò. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó gé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn, àfi pé wọn kò bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Kò sì sí kọ́mà, kò sí àmì ìdúró kankan. Obìnrin yìí sọ̀rọ̀ ni, fóònù ló kọ ohun tó rò pé òun gbọ́.

Fóònù kì í kọ «n kò gbọ́ ibí yìí dáadáa» sílẹ̀. Bó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ló máa kọ, bí kò tilẹ̀ nítumọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè mìíràn ló sì máa ń dà á láàmú jù. Bí a ṣe ń pè wọ́n lẹ́nu Yorùbá kò sí nínú ohun tó mọ̀, ló bá gé wọn wẹ́wẹ́ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kéékèèké.

Ṣadé: Ẹ ṣé gan-an sà. Báwo wá ni kí n ṣe kà á?

Bàbá Tóyìn: Má fi ojú kà á. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbàgbé, torí fóònù ló fi wọ́n síbẹ̀, obìnrin náà kọ́. Kà á sókè, kíákíá, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìrìn. Kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí etí rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, mú ibi tó jáde dáadáa. «Mo fẹ́ bèèrè.» «Ọkọ mi.» «Lọ́jọ́bọ̀.» «Ṣé ẹ lè bá wa lọ?» Ìyẹn nìkan ti sọ fún wa pé ìyàwó ilé ni, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń fẹ́ kí ẹnìkan bá wọn lọ síbì kan. Ibo? «Osi bi tu.» Pè é pọ̀ mọ́ra: ọsibítù. Nígbà tí ibi tí wọ́n ń lọ ti yé wa, bi ara rẹ léèrè pé kí ni èèyàn máa ń ní ní ọsibítù lọ́jọ́ kan pàtó. «Apo inu meta»: àpọ́íǹtìmẹ́ǹtì. Wo bí p, n, m àti t ṣe tẹ̀lé ara wọn síbẹ̀. Fáwẹ̀lì ló yí jù, kọ́ńsónáǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà kọ́ńsónáǹtì ni kí o máa tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

«Ogbo fo» ni ògbufọ̀. «Ko gbo ese si rara» ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Gb àti g tó tẹ̀ lé ara wọn ló jẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì. «Ejo» ni ẹ jọ̀ọ́. «Kale ma» ni ẹ káalẹ́ mà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí fóònù tó ṣí etí, ni «ẹ» fi bọ́ sọ́nù. Ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, ohun kan máa ń sọnù níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Háà, Bàbá Tóyìn, ẹ kú làákàyè! «Mo ní kó dákẹ́ níbẹ̀» náà ti yé mi báyìí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má sọ̀rọ̀ ní ọsibítù títí ògbufọ̀ fi máa dé, kó má bàa sọ ohun tí wọn máa ṣì gbọ́. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni.

Bàbá Tóyìn: Ìyá Ìbejì, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò kí ẹ wo ohun tó kù: «Òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, aago méjì ni, ṣé ẹ lè bá wa lọ?» Ọ̀rọ̀ náà lọ geere. Bí ẹ bá yọ gbólóhùn kan tí ìyókù sì tún dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn tó wà nínú ilé ni ẹni náà yíjú sí. Ọmọ ló ń bá wí, lójú tèmi. Fóònù kò mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó bá kàn án létí ló ń kọ. Mo ti rí èyí tí ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n wọ àárín rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: N kò tíì gbà tán o. Àwa obìnrin máa ń kìlọ̀ fún ọkọ wa.

Alàgbà Múyìíwá: Ẹ kú ìjókòó. Kí Ṣadé má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti bá wọn lọ. Níbi tí mo wà, ọsibítù fúnra rẹ̀ ló ń wá ògbufọ̀, aláìsàn kì í san kọ́bọ̀. Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ ilé ẹni kọ́ ló sì yẹ kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà.

Ṣadé: Ẹ ṣé sà, Alàgbà. Màá sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ.

Kọ́lá: Ó ti yé wa tán. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méjì, wọ́n ní kó mú ògbufọ̀ wá. Ẹ fèsì pé ẹ máa wá.

Bàbá Tóyìn: Dúró ná, Kọ́lá. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ sí. «Inú mẹ́ta» kò lè pa wá lára, torí pé gbogbo wa la rí i pé ó ti bàjẹ́. Àṣìṣe tó ń pani lára ni èyí tó jáde bí ọ̀rọ̀ tó dára.

Wo «won ni ko mu». Fóònù rẹ̀ kò fi àmì ohùn sí i. Ó lè jẹ́ «wọ́n ní kó mú ògbufọ̀ wá», ìyẹn ni pé ó ṣì fẹ́ lọ. Ó sì lè jẹ́ «wọ́n ní kò mú ògbufọ̀ wá», ìyẹn ni pé ó ti lọ, wọ́n sì ti dá a padà. Ọ̀kan tọ́ka sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èkejì sí èyí tó kọjá. Kò sí ohun tó lè yà wọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, bó ti wù ká kà á tó. Aago méjì náà ńkọ́? Méjì àti méje sún mọ́ra lẹ́nu ẹni tó ń kánjú.

Èmi kì í méfò lórí kò àti kó, lórí iye, tàbí lórí orúkọ èèyàn àti orúkọ oògùn. Mo máa ń bèèrè.

Ṣadé: Ṣé kí n kàn ní kó tún un kọ ni?

Bàbá Tóyìn: Rárá o. Bí o bá ní «kí lẹ wí?», inú fóònù yẹn náà ló máa sọ ọ́ sí, irú kan náà ló sì máa jáde. Ohun tó ti yé ọ ni kí o sọ fún un, kí o wá fi ọ̀rọ̀ tí kò jọra bèèrè ohun tó kù. Má bèèrè pé méjì ni àbí méje. Bèèrè pé ọ̀sán ni àbí àárọ̀. Fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́, torí a kò mọ̀ bóyá ó lè kàwé dáadáa. Bí èmi ṣe máa sọ ọ́ nìyí:

«Ẹ káalẹ́ mà. Ó yé mi pé bàbá ní àpọ́íǹtìmẹ́ǹtì ní ọsibítù, pé ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ló sì wà nílẹ̀. Ṣé wọ́n ti lọ, àbí wọn kò tíì lọ? Ṣé ọ̀sán ni àbí àárọ̀? Ẹ tẹ ibi ohùn kí ẹ fi ẹnu dá mi lóhùn, tàbí kí ẹ ya fọ́tò lẹ́tà ọsibítù náà.»

Adéọlá: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti màmá mi tún wá yàtọ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú ohun tó ń jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, kò sì nítumọ̀.

Bàbá Tóyìn: Èdè tí wọ́n yàn sórí kíbọọ̀dù ni. Ọ̀nà tí mo sọ ṣì ṣiṣẹ́, àfi pé ó le jù, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní gb, b tàbí g lásán lo máa rí. Bó bá jẹ́ Gboard ni wọ́n ń lò, wọlé sí Settings, Languages, Add keyboard, kí o yan Yorùbá. Kí wọ́n máa wo ojú bọ́tìnnì àlàfo kí wọ́n tó tẹ máìkì, torí ibẹ̀ ni orúkọ èdè máa ń hàn sí bí èdè bá ju ẹyọ kan lọ.

Adéọlá: Ṣé á máa fi àmì ohùn sí i?

Bàbá Tóyìn: Má gbára lé e. Àmì tí fóònù fi síbẹ̀ náà, ohun tó rò ni.

Ṣadé: Ó ti dá mi lóhùn! «Kò mú» ni. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n lọ, wọ́n dá bàbá padà. Lẹ́tà tuntun ti wá, ó ya fọ́tò rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Bí mo bá ti fèsì bí Kọ́lá ṣe wí, Ọjọ́bọ̀ ni ǹ bá lọ dúró síbẹ̀. Mo sì ń gbọ́ ọmọ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóìsì nóòtù náà. Alàgbà, nọ́ńbà tí a ó fi bèèrè ògbufọ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, màá bá wọn pè é láàárọ̀ ọ̀la.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ kò sọ pé kò kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Kọ́lá: Mo ti rí i. Bàbá Tóyìn, ẹ bá mi wo èyí náà sà, àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ lórí owó ilé tí a jọ ń san: «mo ti ba onile soro owo to ku ko san».

Bàbá Tóyìn: Kó san, àbí kò san? Kọ́lá, pè é nísinsin yìí.