Kí ni Yorùbá “ṣáátà” àwọn tó ń dán àápù wò?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá fẹ́ tú inú àápù kan wò láìsí ìgbésẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ fún wa, a máa ń kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí a ń wá lọ. Ṣáátà ni wọ́n ń pè é. Mo pè é ní ‘ìwé àṣẹ’, ọ̀gá mi ní kò dùn létí. Kí ni kí n pè é?”

Olùkọ́ fẹ̀yìntì: Ìwé àṣẹ kẹ̀, bíi ti ọlọ́pàá? Bó bá jẹ́ ti ìdánwò, “ìbéèrè ìdánwò” la máa ń kọ sójú pátákó níjọ́ tiwa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú, sà, kì í ṣe ti ọmọ ilé-ìwé. Èmi ń pè é ní “iṣẹ́-ìrán”. Wọ́n ní kí n lọ wo ibi tí a ti ń wá orúkọ oníbàárà, kí n fi orúkọ alámì wò ó, kí n mọ èyí tó ń sọnù. Ọ̀nà tí màá gbà kù sọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ẹrú la rán mi, tọmọ ni màá fi jẹ́ ẹ. Jonathan àti James Bach, tí wọ́n ṣètò ọ̀nà yìí ní 2000, fi nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú sí i láìsí ìdíwọ́. “Ìjókòó” ni mo ń pe ìyẹn.

Àbúrò Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ kàn ya fídíò ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn á wò ó.

Ìyá Ìbejì: Fídíò dára, àmọ́ kò lè gbà wá nínú èyí tó bá wa. Ẹnì kan kọ “orúkọ alámì kò jáde” sílẹ̀, ó lọ. Èmi tẹ Kọ́lá, ó jáde. Wákàtí méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe náà. Ìgbà tí mo da orúkọ náà kọ láti inú fáìlì oníbàárà ni ó tó kọ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ wo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan; nínú ti èkejì, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀:

```
Kọ́ = K U+1ECD U+0301    jáde
Kọ́ = K o U+0323 U+0301  kò jáde
```

Ìlà méjì yìí ni ẹlòmíràn lè mú lò. Mo tún kọ nọ́ńbà ẹ̀dà àápù náà, irú àkáǹtì tí mo fi wọlé, àti pé mi ò fọwọ́ kan ibi àdírẹ́sì rárá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọn kì í kọ, òun sì ni ẹni tó ń bọ̀ máa kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo bọ́tìnì tí mo tẹ̀ ńkọ́? Mi ò kọ ọ́. Ta ló fẹ́ kà á?

Abéèrè: Bí mo bá rí nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà, tí mo tẹ̀ lé e?

Ìyá Ìbejì: Tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kọ bí àkókò tó o fi yà bàrá ṣe tó. Bó bá ju ìdajì lọ, iṣẹ́ mìíràn lo jẹ́ yẹn. Sọ ọ́ nígbà tó o bá ń jábọ̀. “Àbọ̀ iṣẹ́” ni kí o pe ìwé náà.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì: Mo gba “àbọ̀ iṣẹ́”. Àmọ́ “iṣẹ́-ìrán”, ṣé kì í ṣe télọ̀ ni ẹni tó bá kà á máa rò? Rán aṣọ, rán níṣẹ́, ohùn kan náà ni. “Ìránníṣẹ́” ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó gùn jù fún orí fọ́ọ̀mù wa, sà.

Abéèrè: Màá kọ méjèèjì fún ọ̀gá mi lọ́la, kó mú ọ̀kan.