Ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe máa pín máàkì fún iṣẹ́ ìṣirò tí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo?

Tíṣà SS2: Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wádìí bí tánkì omi tí ilé-ìwé wa nílò ṣe yẹ kó tóbi tó. Òbí kan wá pariwo lé mi lórí níwájú gbogbo olùkọ́ pé mo ṣe ojúsàájú. Ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ gba 48, òmíràn gba 81. Mo gbé ìwé ẹgbẹ́ 48 yìí fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó fún wọn ní 70! Mo sì ní ìlànà máàkì o. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà, òbí kan bá mi jà lórí àròkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí gbogbo máàkì.

Bàbá Aláṣirò: Ẹ jẹ́ ká rí ìlànà yẹn.

Tíṣà SS2: Ìmọ́tótó 10, ìṣirò 30, àlàyé 20, ìdáhùn 40. Kí ló burú níbẹ̀?

Bàbá Aláṣirò: Ìdáhùn ta ni?

Tíṣà SS2: Èmi ni mo ṣe é sílẹ̀. Ọmọ 400, líta 5 fún ẹnì kan lójúmọ́, ọjọ́ 5: líta 10,000. Ohun tí ẹgbẹ́ 81 kọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ 48 kọ 6,000. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń fa omi, nítorí náà tánkì kò ní ju ọjọ́ iṣẹ́ 3 lọ kó tó tún kún. Wọ́n ní tí iná kò bá wá ní Ọjọ́bọ̀, á di 10,000.

Bàbá Aláṣirò: Ẹ gbọ́, àwọn tí ẹ fún ní 48 ti rí ìdáhùn yín, wọ́n sì sọ ìgbà tó máa jẹ́ òótọ́. Ẹ yọ 40 yẹn kúrò. Ẹ wo àbá tí wọ́n gbé kalẹ̀, bóyá ìṣirò wọn bá àbá náà mu, bóyá wọ́n dán ìdáhùn wọn wò láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe, àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ fi 0 sí 4 díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ojú lè rí sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Fún àbá, 0 túmọ̀ sí pé wọn ò dárúkọ ọ̀kankan. 2, wọ́n sọ ọ́ láìsí ìdí. 4, ìdí wà, wọ́n wọn nǹkan tàbí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Akọ̀wé Àgbà: Tí kò bá ti sí ìdáhùn kan, ẹni tó bá ti ṣàlàyé ni kó gba gbogbo máàkì.

Bàbá Aláṣirò: Rárá o. Ẹni tó ní ọmọ kan ń lo líta 50 nílé-ìwé lóòjọ́ ti ń béèrè 20,000 lójúmọ́ kan ṣoṣo. Àlàyé dídùn kò sọ ìyẹn di ohun tó ṣeé ṣe. Ibi tí ẹ ti ń wò bóyá ó dán ìdáhùn rẹ̀ wò ló ti máa pàdánù máàkì. Ẹni tó bá sì ṣe àṣìṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ yọ ọ́, ẹ má fi jẹ ẹ́ níyà dé ìparí.

Tíṣà SS2: Olùkọ́ kejì á ṣì fún wọn ní òmíràn.

Bàbá Aláṣirò: Kí ẹ̀yin méjèèjì máàkì ìwé mélòó kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ná. Níbi tí ẹ bá ti fi ju ìpele 1 lọ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbẹ̀ ni kò yé èèyàn. Ẹ tún un kọ. Ṣé àwọn ọmọ rí ìlànà yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà SS2: Wọn ò rí i. Tí mo bá fi hàn wọ́n, wọ́n á máa kọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Bàbá Aláṣirò: Ẹ fi hàn wọ́n. Kò sọ iye líta fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì tún gbogbo ìwé yẹn máàkì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má tún un o! Gbogbo òbí ló máa dé lọ́la.

Tíṣà SS2: Tí máàkì ẹgbẹ́ 81 bá wá wálẹ̀ ńkọ́?