Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kó máa gé, ta ni kó máa rán?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi àti àbúrò kan la jọ ń ránṣọ níbẹ̀, bùbá àti ṣòkòtò ló pọ̀ jù, oníkálukú ń gé tiẹ̀ ó sì ń rán tiẹ̀. Mo wá sọ fún un pé "jẹ́ kí n máa gé fún ẹ, kí ìwọ gbájú mọ́ rírán." Ló bá ní "Àǹtí, ẹ yára jù mí lọ nínú méjèèjì, èrè wo ló wà níbẹ̀ fún yín? Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣàánú mi o." Mo ní kì í ṣàánú, ká wo aago. Èmi ń fi mínítì 20 gé, mínítì 100 rán. Òun ń fi 60 gé, 120 rán. Síbẹ̀ ó ní "tí mi ò bá gé mọ́, ṣé ọwọ́ mi ò ní gbàgbé ẹ̀?" Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dá Nyanya: Ìwọ lo yára, máa ṣe gbogbo ẹ̀, kó máa ṣe bọ́tìnnì àti áyọ́nù.

Ìyá Ìbejì, Kaduna: Ẹ ra máṣíìnì oníná, tèmi ti dín wàhálà kù gan-an, àfi tí iná bá lọ.

Àǹtí Kubwa: Mà, máṣíìnì kọ́ ni ìbéèrè mi o.

Bàbá Télọ̀, Kano: Bọ̀dá, o gbà pé ó yára, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń pàdánù ni kẹ́ ẹ wò. Tí àbúrò yẹn bá gé ẹyọ kan, ìdajì aṣọ tí ì bá rán ti lọ nìyẹn. Tí Àǹtí bá gé ẹyọ kan, ìdá márùn-ún aṣọ péré ni. Ẹ fi ọjọ́ 6 ṣe é, wákàtí 8 lójúmọ́. Tí oníkálukú bá dá ṣe tiẹ̀, Àǹtí á parí 24, àbúrò á parí 16, 40 nìyẹn. Tí àbúrò bá ń rán nìkan, á rán 24. Àǹtí á fi odindi ọjọ́ 1 gé 24 yẹn, á wá fi ọjọ́ 5 tó kù ṣe 20 tiẹ̀ látòkèdélẹ̀. 44 ti dé, ẹnikẹ́ni ò sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ tí kọ́sítọ́mà tó ń wá ò bá ju 30 lọ, àyè ìsinmi lẹ máa rí, kì í ṣowó.

Ìyá Ìbejì, Kaduna: Ah, ó ti yé mi wàyí. Ẹni tó ń gé fún mi nígbà kan fi íǹṣì 1 sílẹ̀ létí aṣọ, mo rò pé ààbọ̀ íǹṣì ni, mo rán an bẹ́ẹ̀, bùbá fi íǹṣì 2 fẹ̀ jù lára oníbàárà, mo tú u tán mo tún rán. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ fúnra yín.

Àǹtí Kubwa: Ẹ ṣé gan-an. Mo ka iṣẹ́ yín sí i létí, ó ní òun gbà, kí n ṣáà jẹ́ kóun máa gé 1 lọ́jọ́ Sátidé kọ́wọ́ òun má baà kú. Owó aṣọ 4 tó lé yẹn la wá ń fà báyìí, ó ní ká pín in dọ́gba, èmi sì ní tèmi lọ́jọ́ tí mo fi gé ńkọ́?

Bàbá Télọ̀, Kano: Kó ṣáà gbà ju 16 lọ, kí ìwọ náà gbà ju 24 lọ. Ibi tẹ́ ẹ bá pín in sí láàárín ìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ ọ́.