Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fódà tí mo pín lórí nẹ́tíwọ́kì kò jẹ́ kí n séèfù iṣẹ́ sínú rẹ̀

Alátẹ̀wé Mókọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà méjì la ní ní ṣọ́ọ̀bù, Windows 11 Pro ni méjèèjì. Orí èyí tó ń jẹ́ KANTA ni fódà D:\ISE wà, mo sì ti so ó mọ́ Z: lórí láptọ́ọ̀pù. Mò ń rí fáìlì, àmọ́ bí mo bá fẹ́ séèfù, "Destination Folder Access Denied" ló ń gbé jáde. Fódà INVOICE tó wà nínú rẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣí rárá. Kí ni kí n ṣe?

Gbọ́láhàn T: Ẹ lọ sí Properties fódà náà, Sharing, Advanced Sharing, Permissions. Ẹ fún Everyone ní Full Control, ó parí. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa Password protected sharing, kí ẹ sì tan SMB 1.0, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ayé Windows 7 nìyẹn.

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Ẹ̀gbọ́n Gbọ́láhàn, ibi tí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí dáa. Read nìkan ni Windows máa ń fún Everyone níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rí fáìlì tí kò lè séèfù. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó tan SMB 1.0. Ihò inú rẹ̀ ni kòkòrò WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kò sì kan àṣẹ fódà rárá.

Alátẹ̀wé, ilẹ̀kùn méjì ni ẹni tó ń gba orí nẹ́tíwọ́kì bọ̀ máa ń kọjá: Permissions abẹ́ Sharing, àti Security. Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni Windows ń tẹ̀lé. Bí Z: kò bá so rárá tó ní "System error 5", ẹ kọ́kọ́ wo Sharing. Bó bá so, ṣùgbọ́n tí fódà kan nínú rẹ̀ kọ̀ láti ṣí, Security fódà yẹn ni.

Ẹ ṣe àkáǹtì kan sórí KANTA fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi "Run as administrator" ṣí Command Prompt níbẹ̀:

```
net user omose * /add
icacls D:\ISE /grant omose:(OI)(CI)M
```

Ó máa béèrè páswọ́ọ̀dù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo, Windows kì í jẹ́ kí àkáǹtì tí kò ní páswọ́ọ̀dù gba orí nẹ́tíwọ́kì wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omose sínú Permissions abẹ́ Sharing, kí ẹ máàkì Change fún un. Ó kan láptọ́ọ̀pù:

```
net use Z: /delete
net use Z: \\KANTA\ISE * /user:KANTA\omose /persistent:yes
```

Ìyá Ìbejì: Tèmi náà rèé o. Fíláàṣì tí mo kì bọ ẹ̀yìn ráútà kò ṣí mọ́ láti ìgbà tí láptọ́ọ̀pù mi ti gba Windows 11 24H2. Ṣé kí n ṣe omose yìí sórí ráútà ni?

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Rárá mà, ráútà kì í ṣe Windows, àṣẹ yìí kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 11 Pro, 24H2 kì í jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù wọ ẹ̀rọ mìíràn láìní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù mọ́, ó sì ń fẹ́ kí ẹ̀rọ kejì máa fọwọ́ sí gbogbo ohun tó bá fi ránṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́ kò lè ṣe. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó gbé jáde síbí gan-an bó ṣe wà, ká lè mọ èwo ni.

Alátẹ̀wé Mókọ́lá: Mo ṣe gbogbo rẹ̀, "System error 1219" ló kàn ń sọ.

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Orúkọ tí láptọ́ọ̀pù ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì so mọ́ KANTA. Windows kì í gbà kí ẹnì kan fi orúkọ méjì wọ kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti gbogbo fódà KANTA tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ tẹ `net use` lásán kí ẹ rí ohun tó ṣì so, lẹ́yìn náà:

```
net use * /delete
```

Gbogbo díráífù nẹ́tíwọ́kì tó kù náà máa já o. Ẹ wo Credential Manager, Windows Credentials. Bí KANTA bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àtijọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá so Z: padà.

Alátẹ̀wé Mókọ́lá: Ó ti gbà! Ó ń séèfù. INVOICE nìkan ló ṣì ń kọ̀.

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Ṣé ibòmíràn lórí D: lẹ ti gé e wá síbẹ̀?

Alátẹ̀wé Mókọ́lá: Bẹ́ẹ̀ ni, inú fódà ọ̀gá ló wà tẹ́lẹ̀.

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Òun nìyẹn. Ohun tí a bá gé láti ibì kan sí ibòmíràn lórí díráífù kan náà máa ń gbé àṣẹ rẹ̀ àtijọ́ dání. Èyí tí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ló ń gba àṣẹ ibi tuntun. Lórí KANTA:

```
icacls D:\ISE\INVOICE /reset /T
```

Ó máa nu gbogbo àṣẹ tí wọ́n dìídì fi sórí rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní ẹni tí kò fẹ́ kó rí i, ẹ bi í kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Alátẹ̀wé Mókọ́lá: Ó ṣí. Ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ bí mo bá tan láptọ́ọ̀pù láàárọ̀, Z: máa ń ní àmì X pupa títí màá fi tẹ̀ ẹ́.

Gbọ́láhàn T: Wi-Fi ni kì í tíì gbé nígbà tí Windows ń wá Z:. Nínú gpedit.msc, ẹ wá "Always wait for the network at computer startup and logon", kí ẹ tan án. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ lórí wáyà. Ti Wi-Fi kò dá mi lójú.

Akin Nẹ́tíwọ́kì: Lórí Wi-Fi, èmi náà ṣì ń rí X yẹn nígbà mìíràn lẹ́yìn tí mo tan án. Bí Z: bá ti ń ṣí láì béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń béèrè, ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tọ́jú rẹ̀:

```
cmdkey /add:KANTA /user:KANTA\omose /pass
```