Àtẹ̀gùn kọnkéré: orí ń gbá dẹ́kì, ibo ni kí n ti dín in kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ilé kíkọ́. Mò ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Láti ilẹ̀ dé orí dẹ́kì jẹ́ 3150 mm, dẹ́kì fúnra rẹ̀ nípọn ní 150 mm, ihò tí a fi sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn sì gùn ní 3000 mm.

Mo kọ́kọ́ pín gíga náà sí ìgbésẹ̀ 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 175 mm, tí ibi ìtẹ́sẹ̀ sì fẹ̀ ní 275 mm. Ìlọ́po méjì gíga pẹ̀lú fífẹ̀ jẹ́ 625, èyí tí ó tu ẹsẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n lórí ìgbésẹ̀ keje, níbi tí etí dẹ́kì wà, nǹkan bíi 1775 mm péré ni ó kù fún orí, nígbà tí ó yẹ kí ó tó 2000 mm, ó kéré tán.

Mo wá tún un pín sí 17: gíga nǹkan bíi 185 mm, fífẹ̀ 250 mm. Àyè orí di nǹkan bíi 2070 mm, àmọ́ ìyá mi tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni yóò máa gùn ún. Bíríkìlà ní kí a kúkú gé etí dẹ́kì. Irin inú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé gíga 185 mm pẹ̀lú fífẹ̀ 250 mm kò ní nira fún àgbàlagbà láti gùn àti láti sọ̀, àbí kí n di 18 mú, kí n sì pe ẹnjiníà kí ó wò ó bóyá a lè gé 400 mm kúrò lára dẹ́kì?