Òṣìṣẹ́ tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè: kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí i, kí ni yóò sì ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́?

Atẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ṣómólú. Mẹ́rin la jẹ́: èmi, ẹni tó ń to iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, bàbá tó ń wa ẹ̀rọ, àti ọmọkùnrin tó ń gé bébà. Ọmọbìnrin kan máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ni yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lò. Ó gba iṣẹ́ káàdì ìpè ìgbéyàwó 300, ó sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ láìjẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí prúùfù, ìyẹn àpẹẹrẹ tí oníbàárà máa ń yẹ̀ wò ká tó tẹ iṣẹ́. Déètì tó wà lórí káàdì kò tọ̀nà. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú èèyàn, kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo bi àwọn tó kù, kò sẹ́nì kankan tó sọ fún un rí pé prúùfù gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù. Ó ń dùn mí di òní.

Ohun tí mo kọ fún ẹni tuntun nìyí: "Ẹ káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ wa. Inú wa dùn. A retí pé ẹ ó fi òótọ́ ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ la ń bẹ̀rẹ̀." Ṣé ó tó?

Ìyá Ìbejì
Kò tó rárá. Ẹ kọ gbogbo òfin ilé iṣẹ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òfin Nàìjíríà ló ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé àdéhùn lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀.

Alákòóso
Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni pé òfin béèrè ìwé, àmọ́ oṣù mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́. Ó dára kẹ́ ẹ tètè ṣe é, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ohun tó ń gbé ẹni tuntun lọ́kàn lálẹ́ Sọ́ńdè ni kí ìkíni dáhùn, nítorí náà ẹ ti fi ránṣẹ́ ní Tọ́sìdè. Bí èmi bá ni, báyìí ni mo máa kọ ọ́:

"Ẹ káàbọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yìí nìkan, ẹ dé ní aago mẹ́sàn-án. Láti Túsìdè, aago mẹ́jọ ni. Èmi fúnra mi ni màá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wọ aṣọ tí íǹkì lè ta sí. A ó jọ jẹun ọ̀sán, ilé iṣẹ́ ló máa sanwó. Ẹ ò ní dá gba iṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó bá rú yín lójú, ẹ bi ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Aago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ lè ti dá àwọn oníbàárà òwúrọ̀ lóhùn, kó má baà dúró bí àlejò tí wọn ò retí.

Ní ti iṣẹ́, ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi kan ṣoṣo kó tẹ̀ lé e dópin. Ká ní ìwé ìléwọ́ 1,000 ni. Mọ́ńdè, kó jókòó tì yín, kó kọ iye, ìwọ̀n, irú bébà, owó àsansílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e. Túsìdè, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to iṣẹ́: kó rí ìdí tí fọ́tò tí wọ́n fi Wọ́sáàpù ránṣẹ́ fi ń rí bàìbàì lórí bébà, àti ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ kọjá etí pẹ̀lú mílímítà 3 nítorí ọ̀bẹ agébébà. Wẹ́sìdè, òun fúnra rẹ̀ ni kó ka orúkọ, déètì àti nọ́ńbà fóònù sókè fún oníbàárà, kó gba ìbuwọ́lù kí wọ́n tó ṣe pléètì tí ẹ̀rọ máa fi tẹ̀ ẹ́. Tọ́sìdè, ìdí ẹ̀rọ. Fúráìdè, tí íǹkì bá ti gbẹ, wọ́n á gé e, òun á sì gbé e fún ẹni tó ni ín.

Lálẹ́ Fúráìdè, ẹ ní kó ròyìn ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà fún yín. Bó bá fo ibi prúùfù, kò tíì yé e. Bó bá jẹ́ "mo ti gbọ́" nìkan ló ń sọ látọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ fura.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ fi ọjọ́ owó oṣù kún un. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojú ń tì mí láti béèrè. Mo rò pé ìparí oṣù ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ló padà jẹ́. Mo yá owó ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Atẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ ṣeun gan-an. Èmi náà kò kọ ọjọ́ owó sí i. Bàbá tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í fẹ́ kọ́ èèyàn níṣẹ́ ṣá o, ó ní ó ń dá òun dúró.

Alákòóso
Ẹ lọ bá bàbá ṣáájú Mọ́ńdè. Ẹ ní kó kàn jẹ́ kí ọmọbìnrin náà wo òun fún wákàtí kan, kì í ṣe kó kọ́ ọ. Ìyẹn kì í wúwo.

Ìyá Ìbejì
Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ láìdá gba iṣẹ́ kan? Èèyàn mẹ́rin lẹ jẹ́! Láti Tọ́sìdè, kó máa dá gba àtúntẹ̀ iṣẹ́ tí ohunkóhun ò yí padà nínú rẹ̀.

Alákòóso
Àtúntẹ̀ gan-an ni oníbàárà ti máa ń yí nọ́ńbà fóònù padà, tí wọ́n á sì sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Èmi ò ní gbà á.

Atẹ̀wé Ṣómólú
Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń jà lọ́kàn mi, torí Fúráìdè ni èrò ń pọ̀ jù. Màá fi ìkíni náà ránṣẹ́ ní ọ̀la, pẹ̀lú ọjọ́ owó oṣù.