Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé sórí sítátọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ni mo ti ń se oúnjẹ àríyá, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Ohun tí mo máa ń kọ ni "Mo ń gba iṣẹ́ oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá kan pè pé àwọn fẹ́ kúlà ìrẹsì mẹ́ta fún ìsọmọlórúkọ àárọ̀ Sátidé. Ọjà ti tú, mi ò ní ata nílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Mo ti wá tún un kọ:

"Iṣẹ́ Sátidé yìí: ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú la ó gbà á mọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀fadà, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ẹ san ìdajì owó kí a fi ra ọjà."

Mo fi ọjọ́ síwájú nítorí pé bí ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò bá gùn, Wasáàpù máa ń gé e, ọ̀pọ̀ kì í sì í tẹ̀ ẹ́ ka ìyókù.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìdajì owó yẹn kò le jù létí àgbà? Ṣé kí n sì kọ iye owó kúlà kan? Kúlà kì í tóbi bákan náà. Mo ń rò ó pé kí n sọ iye àwo tí yóò jẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?